Ta ni ọ̀gá rẹ? Bí ọmọ tí kò ní lọ́yà nílé ṣe lè wá atọ́nà nídìí iṣẹ́ òfin

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti gbà mí sí ẹ̀ka òfin ní yunifásítì, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Ta ni ọ̀gá rẹ?" Bíríkìlà ni bàbá mi. Ní tiwọn, kò sí iṣẹ́ tí èèyàn ń kọ́ láìní ọ̀gá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, yunifásítì ni o, kì í ṣe ìdí ṣọ́bìrì." Ó lé ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà tí mo wọ kóòtù pẹ̀lú gáùn tuntun lọ́rùn, tí n kò mọ ìlà tó yẹ kí n jókòó sí, tí ojú sì ń tì mí láti béèrè. Ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè bàbá mi tó yé mi.

Wo ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ á mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á jọ sọ iye ọdún, wọ́n á sọ owó, ẹnì kan á ṣe onídùúró, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ tó bá gba fúrídọ̀ọ̀mù, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ọmọ lọ́yà náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀, bí kò tiẹ̀ sí ìwé níbẹ̀: ìdí oúnjẹ alẹ́ ló ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá akọ̀wé kóòtù sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà tí kò fẹ́ sanwó lóhùn, adájọ́ wo ni kì í gbà kí èèyàn pẹ́ dé. Ọmọ bíríkìlà ní láti lọ gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu ẹni tí kò bá a tan. Ẹni yẹn ni mò ń pè ní atọ́nà níhìn-ín, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní mẹ́ńtọ̀.

Iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà ni màá bá ọ sọ, nítorí òun ni mo mọ̀, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é. Ọdún márùn-ún ni ẹni tó bá Jámùbù wọlé ń lò ní yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń pè ní Lọ́ọ̀ Súkúù, kí wọ́n tó pè ọ́ sí Báà, kí o di lọ́yà, kí ọdún àgùnbánirọ̀ sì tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ẹni tó máa fi ọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, àfi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kan tí màá dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Kọ ohun tí wọn kò lè dá ọ lóhùn nílé sílẹ̀

Mú ìwé, kí o kọ ìbéèrè márùn-ún tí o mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ nílé yín. Má kọ "báwo ni mo ṣe lè di èèyàn ńlá" síbẹ̀. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn ni kí o kọ. Tèmi nígbà náà rí báyìí: Ọ́fíìsì wo ni kí n ní mo fẹ́ lọ nígbà tí Lọ́ọ̀ Súkúù bá ń pín wa? Ṣé kí n gba iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ju owó ọkọ̀ lọ? Ṣé ẹjọ́ ilẹ̀ ni kí n dojú kọ, àbí iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá? Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ìwé tí mo kọ fún kóòtù dára? Tí ọ̀gá bá ní kí n ṣe ohun tí òfin kò fẹ́ ńkọ́?

Bí o bá wo ìbéèrè tìrẹ dáadáa, wàá rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dáhùn wọn tán. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì àti owó oṣù, ẹni tí wọ́n pè sí Báà ní bí ọdún méjì sí mẹ́rin sẹ́yìn ló mọ̀ ọ́n, nítorí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn ín kọjá ni. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, ẹni tó ti lo bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹjọ́, ni kí o wá. Ìbéèrè karùn-ún yẹn, àgbà tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ bá.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí ọmọ ọdún kejì ní yunifásítì gba ọ̀dọ̀ Sáàn lọ tààrà. Sáàn ni agbẹjọ́rò tí wọ́n ti fi oyè àgbà dá lọ́lá, kò sì sí ẹni tó ń gbà á láìtíì lo ọdún mẹ́wàá ó kéré tán lẹ́yìn ìpè rẹ̀. Kò sí aburú nínú kíkí wọn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn fúnra wọn ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kẹ́yìn, ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ nípa owó oṣù yóò sì mú ọ rẹ́rìn-ín tàbí kó mú ọ sunkún. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ jù ọ́ lọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló máa mú ọ mọ ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Ibi tí o ti máa rí wọn

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé gbangba ni kóòtù gbọ́dọ̀ ti máa gbẹ́jọ́, yàtọ̀ sí ìgbà mélòó kan, bí ẹjọ́ tó kan ọmọdé. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọ ni pé ibi tí àwọn lọ́yà ti ń ṣiṣẹ́ ṣí sílẹ̀ fún ọ láìgba àṣẹ, láìsan kọ́bọ̀. Ní Ìbàdàn, kóòtù ìbílẹ̀ wà ní Mápó, ti májísíréètì wà ní Ìyágankú, ilé-ẹjọ́ gíga sì wà ní Ring Road. Ìlú tìrẹ náà ní tirẹ̀.

Wá ọjọ́ márùn-ún, kì í ṣe dandan kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Wọ aṣọ tó dúdú tàbí tó funfun, pa fóònù rẹ, kí o sì ti dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ka ìwé orúkọ ẹjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí, níbi tí àwọn ará ìlú ń jókòó; àwọn ìlà iwájú, ti àwọn tó wọ gáùn ni. Bí adájọ́ bá ń wọlé, dìde, kí o tẹríba. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ti pe ẹjọ́ kan, lọ́yà á dìde, á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn tó bá a wá. Kọ orúkọ náà sílẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti máa ń sọ fún ọ láìbéèrè pé ta ni ọ̀gá, ta ni ọmọṣẹ́.

Má jẹ́ kí ẹnu dídùn tàn ọ́. Ohun tí mo ní kí o máa wò ni èyí: ṣé ìwé rẹ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀, àbí ó ń tú àpò kiri nígbà tí adájọ́ ń dúró? Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, tí adájọ́ bá ní ìwé kan kò sí nínú fáìlì, ta ló di ẹ̀bi rù? Lọ́yà kan wà tó máa yíjú padà lójú gbogbo èèyàn, tó máa jágbe mọ́ júníọ̀ rẹ̀. Òmíràn á sọ fún adájọ́ pé, "Àṣìṣe wa ni, Olúwa mi," yóò wá bá ọmọ náà sọ ọ́ níta. Ẹnì kejì yìí ni kí o fi ámì sí orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìwàásù tí ẹni àkọ́kọ́ bá ń ṣe lórí wọ́sáàpù nípa títọ́ àwọn ọ̀dọ́, má dá a lóhùn.

Má sì fojú fo àwọn akọ̀wé kóòtù. Àwọn ni wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo lọ́yà ìlú. Wọ́n mọ ẹni tí ìwé rẹ̀ máa ń padà nítorí pé kò san owó tó yẹ tàbí pé kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì mọ ẹni tí tirẹ̀ ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọn dáadáa, má bá wọn rojọ́, kí o sì béèrè nírọ̀rùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ta ló máa ń dùn ún kà fún yín?" Bí mo ṣe rí atọ́nà mi kejì nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ìgbà tí Lọ́ọ̀ Súkúù ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kóòtù, tí ó sì tún ń rán an lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sí. Gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ ọ́fíìsì tí orúkọ rẹ̀ dún. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn tó bá jẹ́ pé atọ́nà lò ń wá. Ní ọ́fíìsì ńlá, o lè jókòó sí ilé ìkàwé wọn títí tí ọ̀sẹ̀ á fi pé, kí ẹnikẹ́ni má ka ìlà kan nínú ohun tí o kọ. Ọ́fíìsì tí lọ́yà méjì sí márùn-ún wà, tí wọ́n ń lọ sí kóòtù lemọ́lemọ́, ló máa ń nílò ọwọ́ rẹ. Ohun kan péré ni kí o bá kúrò níbẹ̀: ẹnì kan tó ka ìwé kan tí o kọ, tó sì fi bírò pupa tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pè ọ́ sí Báà, ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà tó wà nílùú rẹ máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Àwọn àgbà tí o kò lè rí ní ọ́fíìsì wọn máa ń wà níbẹ̀ láìsí akọ̀wé tó máa ní "wọn kò sí nílé." Má kàn jókòó sẹ́yìn kí o máa tẹ fóònù; fi ara rẹ sí ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n nílò ẹni tó máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí o sì san owó iṣẹ́ ọdọọdún rẹ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ó ń ti èèyàn lójú kí àgbà tó fẹ́ fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún nǹkan wá bá a pé o kò tíì san.

Lẹ́tà àkọ́kọ́

Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà Bódìjà wá bá mi nígbà tó wà ní ọdún kẹrin. Ó ti kọ̀wé sí lọ́yà mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó fi ohun tó kọ hàn mí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ohun tó sọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yín gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ mẹ́ńtọ̀ mi. Ọlọ́run á bùkún yín."

Kò sí ìwà àìdáa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tó gbà á. Kò mọ ibi tí ọmọ náà ti mọ òun. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́ńtọ̀ yìí máa ná òun: ṣé owó ilé-ìwé ni, àbí ìpè lálaalẹ́? Ó sì hàn pé ẹni márùn-ún mìíràn lè ti gba ìwé kan náà. Ẹni tí kò bá mọ iye ọjà, kì í ná an. Ó máa ń kọjá ni.

Mo ní kó lọ jókòó sí kóòtù bí mo ṣe sọ lókè yìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kọ èyí sí obìnrin lọ́yà kan tó rí níbẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ọdún kẹrin ni mí. Mo wà ní kóòtù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá nígbà tí ẹ ń bi ẹlẹ́rìí kan léèrè nípa ilẹ̀ tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i pé ẹ jẹ́ kó ka rìsíìtì náà sókè ná kí ẹ tó bi í nípa ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi tò ó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá lè fún mi ní ogún ìṣẹ́jú ní ọ́fíìsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, màá dúpẹ́. Tí kò bá rọrùn, ìdáhùn kúkúrú lórí fóònù náà á tó mi. Ẹ ṣeun, mà."

Kò sí "mẹ́ńtọ̀" nínú rẹ̀. Ó sọ ibi tó ti rí wọn, ó sọ ohun kan tó fojú ara rẹ̀ rí, ó béèrè ohun kan, ó dá àkókò lé e, ó sì fún wọn ní ọ̀nà láti kọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ́. Obìnrin náà dáhùn lọ́jọ́ kẹta. Ó ní ẹjọ́ yẹn ṣì wà níwájú adájọ́, nítorí náà òun kò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ní èyí tó ti parí tí òun lè fi ṣàlàyé. Mo fẹ́ kí o kíyè sí ìdáhùn yẹn. Lọ́yà tó bá ń tú àṣírí ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí, sá fún un.

Nípa àkókò: má fi irú lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ń sáré lọ sí kóòtù. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì dára. Èyí tó dára jù ni ìgbà tí àwọn ilé-ẹjọ́ gíga bá wà ní ìsinmi ọdọọdún wọn, tó sábà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án; àwọn lọ́yà máa ń ráyè mí nígbà náà. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá láìsí èsì, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Má rán an lẹ́ẹ̀kejì.

Ogún ìṣẹ́jú náà

Ní ọ́fíìsì, "sà" àti "mà" ni. Má pe lọ́yà ní "Àǹtí" tàbí "Bọ̀ọ̀dá" lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ tiẹ̀ jọ ń sọ Yorùbá. Ó máa ń dún bí ẹni tó fẹ́ fi ipá di ẹbí. Tí wọ́n bá fúnra wọn sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ìyẹn yàtọ̀. Má gbé ẹ̀bùn lọ. Mú ìwé àti bírò, kí o sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé ò ń kọ ọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta tó. Ọ̀kan nípa ohun tó mú ọ wá. Ọ̀kan nípa ohun tí wọn ìbá ti ṣe yàtọ̀ ní ọdún méjì àkọ́kọ́ wọn. Àwọn lọ́yà máa ń fẹ́ràn ìbéèrè yìí, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ẹ̀kẹta ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé: "Mà, ṣé iṣẹ́ kékeré kan wà tí mo lè ṣe láàárín oṣù yìí, kí n sì mú un padà wá fún yín?" Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, dìde kí wọ́n tó wo aago.

Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn fún ọmọ náà kò nílò ìwé òfin kankan. Ó ní kó jókòó sí kóòtù kan ṣoṣo fún ọjọ́ márùn-ún, kó sì kọ ìdí tí wọ́n fi sún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan síwájú.

Mú ìròyìn padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já okùn. Wọ́n á gba ìmọ̀ràn, wọ́n á dúpẹ́ gidigidi, wọ́n á lọ. Ẹni tó fún wọn kò ní gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ yọ títí tí wọ́n fi máa padà wá pẹ̀lú ìṣòro mìíràn. Lójú àgbà, ìmọ̀ràn tí kò gbọ́ ìròyìn rẹ̀ dà bí omi tó dà sílẹ̀. Bàbá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọṣẹ́ tó bá wá sọ fún ọ̀gá pé "odi tí ẹ ní kí n mọ ti dúró, ṣùgbọ́n igun kan wọ́," ni ọ̀gá máa tún kọ́ ní nǹkan mìíràn.

Ọmọ náà ka ẹjọ́ mọ́kàndínlógún. Wọ́n sún mọ́kànlá. Nínú mọ́kànlá yẹn, mẹ́rin ni wọ́n sún nítorí pé kò sí ẹ̀rí pé ìwé kóòtù dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan ṣoṣo: ọjọ́, ìdí, ohun tí adájọ́ sọ, láìkọ orúkọ oníbàárà kankan. Ó mú un lọ ní ọjọ́ tó dá. Obìnrin lọ́yà wo ìwé náà, ó ní, "Ìdí tí mo fi rán ọ nìyí. Gbogbo yín lẹ fẹ́ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì ńlá níwájú adájọ́. Ẹjọ́ mẹ́rin kò lè tẹ̀ síwájú nítorí pé ẹnì kan kò tẹ̀ lé ìwé dé ẹnu ọ̀nà ilé." Lẹ́yìn náà ló fún un ní àpẹẹrẹ ìwé ìbúra tí ẹni tó fi ìwé kóòtù jíṣẹ́ máa ń ṣe, ó ní kó lọ kọ irú rẹ̀ fún ẹjọ́ àròsọ.

Ìgbà mẹ́ta ni bírò pupa padà sórí ìwé yẹn. Ní ìgbà kẹta, ọmọ náà pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ìdánwò, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó padà, obìnrin náà kò bá a jà. Ó kàn ní ọwọ́ òun dí. Ó tó oṣù méjì kí ọ̀nà tó tún là, ẹ̀bẹ̀ lásán kọ́ ló sì là á. Ọmọ náà kọ̀wé pé, "Mo pẹ́, n kò sọ fún yín, ẹ̀bi mi ni. Ìwé náà rèé, mo ti tún apá kẹrin ṣe bí ẹ ṣe wí." Kò ka ìdánwò sí àwáwí. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù: ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ohun tí mo ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í béèrè nǹkan nínú lẹ́tà yẹn. Nígbà tó dé Lọ́ọ̀ Súkúù, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní, "Ọ́fíìsì mi ni kí o kọ."

Ohun tó lè bàjẹ́, àti bí o ṣe máa tètè rí i

Gbogbo lọ́yà kékeré ló mọ̀ pé owó oṣù ìbẹ̀rẹ̀ kéré ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá kan ti rí i pé ọ̀rọ̀ "mò ń tọ́ ọ sọ́nà ni" lè dípò owó. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí o máa bi ara rẹ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ṣé ohun tuntun kan wà tí mo lè ṣe báyìí tí n kò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Nígbà tí ọ̀gá bá ń sọ orúkọ àwọn tó bá a wá sí kóòtù, ṣé ó ń dá orúkọ mi? Bó bá tún ìwé mi kọ, ṣé ó ń sọ ìdí? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá ní ìgbà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ọmọ ọ̀dọ̀ lo jẹ́ níbẹ̀. Láti orí ọmọ ọdún kìíní títí dé ẹni tó ti gba gáùn, kò sí ẹni tó yẹ kó sanwó kí wọ́n tó lè máa "tọ́" ọ. Ẹni tó bá béèrè owó ìforúkọsílẹ̀ ń ta ọjà ni.

Fún àwọn ọmọbìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú: ọ́fíìsì ni ìpàdé, ọ̀sán ni, ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ tì. Ibí yìí ni ilé tí kò mọ òfin ti wúlò jù. Jẹ́ kí ìyá tàbí bàbá rẹ mọ orúkọ ẹni náà àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹni náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀. "Ìyá mi ní kí n kí yín" jẹ́ gbólóhùn kúkúrú kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún àgbàlagbà pé ọmọ yìí ní ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí o pa ìpàdé yín mọ́ fún àwọn òbí rẹ, kò sí ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀.

Ewu kẹta, àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ló kàn. O wà ní ọ́fíìsì kan, atọ́nà rẹ wà ní òmíràn. Ìṣòro kan dé nínú fáìlì, ọ̀gá rẹ kò sí nítòsí, ọwọ́ rẹ sì ń yún ọ láti ya fọ́tò ìwé náà kí o fi ránṣẹ́ sí atọ́nà. Má ṣe é. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 192, dí lọ́yà lọ́nà láti tú ohun tí oníbàárà sọ fún un láìjẹ́ pé oníbàárà gbà, ìlànà ìwà iṣẹ́ wa sì sọ bẹ́ẹ̀. Àtọ́nà tìrẹ pàápàá kì í ṣe lọ́yà oníbàárà náà. Ohun tí o lè ṣe ni kí o yọ orúkọ, ìlú, iye owó àti ọjọ́ kúrò, kí o wá béèrè nípa òfin tó wà nídìí rẹ̀: "Tí ìwé tí ẹni kejì gbé wá kò bá ní òǹtẹ̀, kí ni mo lè sọ sí i?" Tí ìbéèrè náà kò bá ṣeé bi láìsí orúkọ, ọ̀gá rẹ ni kí o dúró dè.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀, pàápàá nílùú kékeré, pé ìwọ àti atọ́nà rẹ máa bá ara yín pàdé nínú ẹjọ́ kan náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá ti rí orúkọ wọn lórí ìwé, sọ fún ọ̀gá rẹ, kí o sì pe atọ́nà pé, "Mà, a ti bá ara wa pàdé nínú ẹjọ́ kan. A ò ní lè sọ̀rọ̀ rẹ̀." Ẹ lè máa sọ nǹkan mìíràn. Àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń bọ̀wọ̀ fún èyí ju gbogbo ìkíni lọ.

Nígbà tí ó bá ti di ọdún púpọ̀

Ìròyìn ìlà mẹ́ta yẹn á fà sẹ́yìn, ó lè di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Kò burú. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ ìròyìn ńlá rẹ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí o bá fẹ́ fi ọ́fíìsì sílẹ̀, sọ fún wọn kí o tó fi ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n lè fọwọ́ sí i, bí kò ṣe kí wọ́n má bàa pàdé ọ̀gá rẹ ní ìpàdé ẹ̀ka kí wọ́n sì dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Bí o bá gbé ìbéèrè kan náà lọ bá àgbà méjì, jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀ pé o ti bá ẹnì kìíní sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì máa sọ ọ́ fún ara wọn lọ́jọ́ kan, gbà mí gbọ́.

Tí o kò bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn wọn, sọ ọ́. Atọ́nà mi àkọ́kọ́ ní kí n má fi ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe iṣẹ́, pé ó ń pẹ́, owó rẹ̀ kì í tètè wọlé. Mo lọ bá wọn, mo ní, "Sà, mo ti gbọ́, mo ti rò ó, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó dáa, lọ ra ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tìrẹ, kí sàféyọ̀ má máa tàn ọ́ jẹ." Mo ra tépù gígùn kan. Ó ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò mi.

Nípa ẹ̀bùn: lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sí èèwọ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pè mí sí Báà, bàbá mi ní kí n mú àwọn lọ kí ọ̀gá mi. Wọ́n gbé iṣu mẹ́fà dání, wọ́n jókòó sí iwájú tábìlì lọ́yà náà, wọ́n wo gbogbo ìwé tó wà lára ògiri, wọ́n sì béèrè ohun tí ọ̀gá tí ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ṣé ó máa ń tètè dé?"